Bí a ṣe ń pín ìnáwó owó ìrànwọ́ sí ìlà ìṣúná nígbà tí ìjábọ̀ ìkẹyìn bá tó

Iṣẹ́ ti parí, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn tó fún àjọ yín lówó sì ń retí ìjábọ̀ ìnáwó ìkẹyìn. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Òpó mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìlà ìṣúná, iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí ẹ ná, àti ìyàtọ̀. Òpó kẹta ni gbogbo wàhálà wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó wo òpó kejì, a ó wá máa wá rìsíìtì tí yóò gbé òpó kẹta sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn la gbà wọlé yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà òpó kẹta gbọ́dọ̀ ti wá: ta ló ṣiṣẹ́, ọjọ́ wo, iṣẹ́ ta ni. Tí a bá ti rí èyí, ìyàtọ̀ á wá fara hàn fúnra rẹ̀, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe irú ìjábọ̀ yìí, gbogbo ìlà mi ló bá ìṣúná mu rẹ́gí, kò sí èyí tó yẹ̀ kúrò. Inú mi dùn gan-an. Inú ọ́dítọ̀ ni kò dùn. Ó ní òun kò tíì rí àjọ tó mọ ọjọ́ ọ̀la tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ní kí n kó fáọ́ṣà gbogbo ọdún jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi àjọ kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n gba 57,780 dọ́là fún iṣẹ́ ọdún kan, láti 1 Oṣù Kínní títí di 31 Oṣù Kejìlá 2024. Ìlà mẹ́fà ló wà nínú ìṣúná wọn. A ni owó oṣù òṣìṣẹ́, 22,320. B ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 14,000. C ni ìrìnnà, 6,000. D ni ohun èlò, 4,680. E ni owó ọ́fíìsì, ìyẹn owó ilé, iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì, 7,000. Àròpọ̀ márààrún yìí jẹ́ 54,000. F ni owó ìṣàkóso, ìdá 7 nínú 100 lórí 54,000 yẹn, tó jẹ́ 3,780.

Ìwé àdéhùn ló ṣáájú

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáọ́ṣà kankan, ẹ padà lọ ka ìwé àdéhùn, pàápàá àwọn ojú ìwé ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni tó máa ń kà. Ẹ wá ọjọ́ tí ìnáwó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí owó wọ báǹkì. Ẹ wá iye tí ìlà kan lè fi kọjá ìṣúná rẹ̀ láìgba àṣẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwé àdéhùn sọ pé ìlà kan lè fi ìdá 10 nínú 100 kọjá, bí àròpọ̀ kò bá ti kọjá. Ẹ fojú sílẹ̀ níbẹ̀ o: àwọn olùfúnni kan ń wọn ìdá yẹn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n lórí gbogbo ìṣúná, èsì méjèèjì sì jìnnà síra wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àlàyé ìṣúná, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ ń béèrè owó. Orúkọ ìlà lásán kò tó. "Ìrìnnà" lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ nìkan, ó sì lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àlàyé ìṣúná ló máa ń parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú iṣẹ́ ni, ó sì lè ti sọnù sínú íméèlì ẹnì kan tó ti kúrò nílé iṣẹ́. Ẹ tètè wá a.

Tó bá jẹ́ pé owó mìíràn lẹ fi ná an, tí ìjábọ̀ sì jẹ́ dọ́là, ẹ wo irú iye ìpààrọ̀ tí àdéhùn ní kí ẹ lò: ti ọjọ́ tí owó wọlé, ti oṣù kọ̀ọ̀kan, tàbí èyí tí olùfúnni fúnra rẹ̀ ń gbé jáde. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kì í ti orí ọ̀kan fò sórí òmíràn nítorí pé ti oṣù yìí dára fún wa.

Kíkó ìnáwó sójú kan

Ẹ yọ gbogbo ìnáwó tó ní àmì iṣẹ́ yìí jáde láti inú ìwé ìṣirò, kí ẹ gbé e sí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, fáọ́ṣà kan ní ìlà kan. Òpó A gba nọ́ńbà fáọ́ṣà, B gba ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ṣẹlẹ̀ tàbí tí ọjà dé, C gba ọjọ́ tí ẹ san owó, D gba ìlà ìṣúná, E gba àmì owó ìrànwọ́, F gba iye. Òpó B ni ìwé ìṣirò kì í sábà ní. Ẹ̀yin ni yóò fọwọ́ kọ ọ́ láti ara rìsíìtì àti ìwé ìgbàjà, ó sì ń gba àkókò. Ẹ má ṣe fò ó, nítorí òun ni yóò gbà yín nígbà tó bá yá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣe àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, láìtíì tún ohunkóhun ṣe. Tí àmì owó náà bá jẹ́ G7, àròpọ̀ ìrìnnà á jẹ́:

```
=SUMIFS(F:F,D:D,"C",E:E,"G7")
```

Ohun tí àjọ inú àpẹẹrẹ wa rí nìyí: A 22,320; B 12,350; C 7,100; D 4,600; E 8,050. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 54,420. Èyí fi 420 kọjá ìṣúná láìtíì ka owó ìṣàkóso mọ́ ọn. Ìrìnnà fi 1,100 kọjá, ìyẹn ìdá 18 nínú 100. Ọ́fíìsì fi 1,050 kọjá, ìyẹn ìdá 15. Ìlà méjèèjì ti já àdéhùn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ní tirẹ̀, ṣẹ́ kù gan-an.

Ibí yìí gan-an ni ọwọ́ ti máa ń yún èèyàn. Ó rọrùn láti mú fáọ́ṣà méjì kúrò ní ìrìnnà, kí a jù wọ́n sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àyè wà níbẹ̀. Ẹ má tíì gbé ohunkóhun. Àròpọ̀ yìí kò tíì sọ pé ẹ ná owó kọjá. Ohun tó ń sọ ni bí ẹni tó ń kọ ìwé ìṣirò ṣe kọ ọ́ láti oṣù dé oṣù, ẹni yẹn sì lè ṣì í kọ.

Ìbéèrè ọjọ́

Gbogbo ìnáwó ló ní ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí ẹ pàṣẹ, ọjọ́ tí ọjà dé tàbí tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ san owó. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, èyí àárín ló ń pinnu. Ohun tí iṣẹ́ náà lò láàárín àkókò rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá jáde lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣáà ti san án kí ìjábọ̀ tó lọ. Ohun tí ẹ kàn pàṣẹ rẹ̀, tí kò tíì dé ọwọ́ yín, kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi òpó B wo fáọ́ṣà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí nǹkan mẹ́ta. Wọ́n lo gbọ̀ngàn kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 20 Oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ìwé owó rẹ̀, 600 dọ́là, kò dé títí di 9 Oṣù Kínní. Nítorí pé ọdún tuntun ni wọ́n san án, ìwé ìṣirò ti kọ ọ́ sí ọdún tuntun, kò sì sí nínú 54,420 rárá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti wáyé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fọwọ́ sí ìwé ìpéjọ, nítorí náà ìlà B ni 600 náà ń lọ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni èkejì, 450 dọ́là. Wọ́n pàṣẹ rẹ̀, wọ́n sì sanwó rẹ̀ ní 28 Oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ìwé ìgbàjà fi hàn pé 15 Oṣù Kínní ló dé. Ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní D. Wọ́n lè jiyàn pé owó ti jáde kí ọdún tó parí, òótọ́ sì ni, àmọ́ iṣẹ́ tó ti parí kò lè lo ẹ̀rọ tí kò tíì dé. Ọjà tí a sáré rà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wà lára ohun tí ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ máa ń wá. Owó àjọ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀kẹta wà nínú owó ọ́fíìsì. Lápapọ̀, 23,000 dọ́là ni àjọ san fún ilé, iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà, ṣùgbọ́n 3,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ilé tí wọ́n san sílẹ̀ fún Oṣù Kínní sí Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Rìsíìtì kan ṣoṣo ló wà, ọjọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọdún, kò sẹ́ni tí yóò fura tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ pín irú fáọ́ṣà bẹ́ẹ̀ sí méjì lórí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, kí apá kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ ní òpó B. Owó ọdún náà wá di 20,000.

Tí òpó B bá ti pé, ẹ lè fi ọjọ́ kún àròpọ̀ yín, kí ohun tí kò sí nínú àkókò yọ ara rẹ̀ kúrò:

```
=SUMIFS(F:F,D:D,"D",E:E,"G7",
 B:B,">="&DATE(2024,1,1),
 B:B,"<="&DATE(2024,12,31))
```

Ìbéèrè ìlà

Wàyí o, ẹ lè wo ìrìnnà. Nínú 7,100 yẹn, 800 jẹ́ owó ọkọ̀ tí wọ́n fún àwọn tó wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ rí "owó ọkọ̀" lórí fáọ́ṣà, ó sì kọ C. Àlàyé ìṣúná wọn sọ ọ́ kedere pé ìlà B ní "gbọ̀ngàn, olùkọ́, ìwé àti ọkọ̀ àwọn olùkópa", tí C sì jẹ́ ìrìnnà òṣìṣẹ́ lọ wo iṣẹ́ níbi tó ti ń lọ. Nítorí náà 800 ń kúrò ní C lọ sí B. C di 6,300. B di 12,350 pẹ̀lú 600 pẹ̀lú 800, ìyẹn 13,750.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbésẹ̀ tí a ní kí ẹ má gbé lẹ́ẹ̀kan náà la wá gbé yìí, ó fẹ́ jọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àyè tó wà ní B ni yóò jẹ́ ìdí. Ní báyìí, ìwé tí olùfúnni fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìdí. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò: ká ní C ló ní àyè, tí B ti kún, ṣé ẹ ó ṣì gbé 800 náà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Owó tí iṣẹ́ púpọ̀ jọ ń jẹ

Ibí yìí ló nira jù, ibẹ̀ náà sì ni owó ti máa ń sọnù jù, nítorí pé rìsíìtì nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè. Òṣìṣẹ́ kan ń ṣe iṣẹ́ olùfúnni mẹ́ta. Ilé kan ni gbogbo yín ń lò. Mélòó ni ti iṣẹ́ yìí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara owó oṣù. Òṣìṣẹ́ méjì ló wà lórí ìlà A. Ọ̀gá iṣẹ́ náà ń gba 1,500 lóṣù, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ń ṣe, nítorí náà 18,000 rẹ̀ dúró. Akáńtáǹtì ń gba 900 lóṣù, 10,800 lọ́dún. Ìṣúná sọ pé ìdá 40 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn 4,320, ni iṣẹ́ yìí yóò san, ìwé ìṣirò sì ti ń kọ 360 lóṣooṣù láìyẹ̀ títí ọdún fi parí.

Ìdá 40 yẹn jẹ́ àfojúsùn. Nígbà tí ẹ ń béèrè owó lẹ kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ bí ọdún yóò ṣe rí. Ohun tí ìjábọ̀ ìkẹyìn ń fẹ́ ni wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí owó ìrànwọ́, 2 CFR 200, tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba: ìdá tó wà nínú ìṣúná nìkan kò tó láti fi gbe owó oṣù lẹ́sẹ̀. Ẹ lè lò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ó tó parí, kí ó lè bá iṣẹ́ tó wáyé mu. Ọ̀pọ̀ olùfúnni mìíràn ń béèrè ohun kan náà.

Wọ́n kó ìwé wákàtí akáńtáǹtì náà jọ láti Oṣù Kínní dé Oṣù Kejìlá. Wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ jẹ́ 1,800. Èyí tó fi ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ 612. Ẹ fi 1,800 pín 612, ẹ ó rí ìdá 34 nínú 100. Ìdá 34 nínú 10,800 jẹ́ 3,672. Owó tí ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní A jẹ́ 648. A di 21,672.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ lọ ìsinmi tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ má kà á mọ́ wákàtí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wákàtí tó ṣiṣẹ́ nìkan wá ìdá, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìdá náà pín gbogbo owó oṣù ọdún, owó ìsinmi inú rẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí, olùfúnni kọ̀ọ̀kan á gbé ìpín ìsinmi tó tọ́ sí i. Ohun tí kò dára ni kí gbogbo ìsinmi òṣìṣẹ́ bọ́ sórí owó tó ń parí lọ, torí pé òun ló ṣì ní àyè.

Tí kò bá sí ìwé wákàtí ńkọ́? Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn. Ẹ má ṣe jókòó kọ ìwé wákàtí ọdún kan ní ọ̀sàn ọjọ́ kan. Ó máa ń hàn: gégé kan náà, ọwọ́ kan náà, wákàtí mẹ́jọ géérégé lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ìwé ìsinmi sọ pé ẹni náà kò sí níbi iṣẹ́. Ẹ wá ohun tó wà nígbà yẹn gan-an: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpàdé, fáọ́ṣà tó fọwọ́ sí, ìjábọ̀ oṣooṣù. Ẹ fi wọ́n ṣe ìṣirò tí ẹ lè gbèjà, kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ òní, kí ẹ sì sọ fún olùfúnni pé bí ẹ ṣe rí i nìyẹn. Ó lè kọ apá kan. Owó díẹ̀ tó kọ̀ sàn ju ìwé ayédèrú tó bá já a gbà.

Owó ọ́fíìsì ló kàn. Ìwọ̀n ìpín kan ni ẹ nílò, ìyẹn ohun tí ẹ ó fi wọn ìlò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ó lè jẹ́ wákàtí òṣìṣẹ́, iye tábìlì, tàbí fífẹ̀ yàrá. Èyí tó bá bá ìlò mu lẹ ó mú, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ ó fi kan gbogbo olùfúnni. Àjọ tó bá fi wákàtí pín fún olùfúnni kan, tó fi yàrá pín fún èkejì, àròpọ̀ ìpín rẹ̀ lè di 110 nínú 100 kí ó tó mọ̀. Ìdánwò rẹ̀ nìyẹn: ẹ ro ìpín gbogbo iṣẹ́ pọ̀, títí kan ti àjọ fúnra rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó jẹ́ 100, kò lé, kò dín.

Àjọ tiwa yan wákàtí òṣìṣẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ṣe wákàtí 6,700 lọ́dún náà. Ti iṣẹ́ yìí jẹ́ 1,800 ti ọ̀gá iṣẹ́ pẹ̀lú 612 ti akáńtáǹtì, ìyẹn 2,412. Ìdá 36 nínú 100 ni. Ìwé ìṣirò ti ń lo ìdá 35 inú ìṣúná lórí 23,000, òun ló ṣe rí 8,050. Ìdá 36 lórí 20,000 tó jẹ́ ti ọdún náà jẹ́ 7,200. Ẹ wò ó: ìdá náà gòkè, síbẹ̀ owó wálẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pín ni àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ọ́fíìsì kọjá, tó kàn gé ìdá rẹ̀ wá sí 30 kí ó lè wọ inú ìṣúná, kò ní rí owó ilé ọdún tó ń bọ̀ tó sá pamọ́ síbẹ̀.

Owó ìṣàkóso

Èyí kò gba rìsíìtì, ṣùgbọ́n kì í dúró lójú kan. Ìdá ni, nítorí náà ohun tí ẹ ná gan-an ló ń tẹ̀ lé. Àdéhùn wọn sọ ìdá 7; òun náà ni òkè tí Àjọ Ìgbìmọ̀ Yúróòpù máa ń gbà nínú owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdá 10 tẹ́lẹ̀ fún àjọ tí kò ní ìdá tirẹ̀ tí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn lé lórí. Láti Oṣù Kẹwàá 2024 ni ó ti di 15, kì í sì í ṣe gbogbo ìnáwó ni wọ́n ń kà á lé lórí. Ẹ wo tiyín nínú àdéhùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a kọ 3,780 inú ìṣúná sí òpó kẹta bó ṣe wà. Ìnáwó tààrà wọn ti di 53,072, ìdá 7 rẹ̀ sì jẹ́ 3,715.04.

Ohun tí ó kù lórí tábìlì

| Ìlà | Ìṣúná | Ìnáwó | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|
| A. Owó oṣù | 22,320 | 21,672 | 648 |
| B. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ | 14,000 | 13,750 | 250 |
| C. Ìrìnnà | 6,000 | 6,300 | -300 |
| D. Ohun èlò | 4,680 | 4,150 | 530 |
| E. Ọ́fíìsì | 7,000 | 7,200 | -200 |
| F. Ìṣàkóso | 3,780 | 3,715.04 | 64.96 |
| Àpapọ̀ | 57,780 | 56,787.04 | 992.96 |

Ìrìnnà fi ìdá 5 kọjá, ọ́fíìsì kò tó ìdá 3, àwọn méjèèjì wà láàárín ìdá 10. Ìlà D ni yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ó fi ìdá 11 ṣẹ́ kù, àwọn olùfúnni kan sì ń béèrè àlàyé fún ohun tó ṣẹ́ kù bí wọ́n ṣe ń béèrè fún èyí tó kọjá. Kí àlàyé náà kúrú, kí ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, 450, dé lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá, a kò kà á mọ́ ọn. Àwọn ohun èlò yòókù fi 80 dín sí iye tí a fojú sùn." Ìyẹn ti tó. "Nítorí ìṣòro ìnáwó" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Tí ìlà kan bá ṣì kọjá ìdá 10 lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, ẹ má ṣe fi pamọ́ sínú ìlà mìíràn. Àṣẹ ni ó yẹ kí ẹ ti gbà kí ọjọ́ òpin tó kọjá. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ kọ̀wé béèrè ná, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ láti kọ ìlà náà sí ibi tí àdéhùn gbà dé, kí àjọ gbé ìyókù.

Kí ìjábọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín

Gbogbo àtúnṣe tí ẹ ṣe lórí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ padà sínú ìwé ìṣirò. Ẹ kọ fáọ́ṣà àtúnṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i: 648 lọ sórí àwọn iṣẹ́ tí akáńtáǹtì lo wákàtí rẹ̀ fún, 450 lọ sórí owó àjọ, 600 padà sínú ọdún tó ṣẹlẹ̀, 800 láti C sí B, 850 kúrò nínú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ẹ tún yọ àròpọ̀ jáde láti inú ìwé ìṣirò fúnra rẹ̀. Láti 54,420, ẹ yọ 648, ẹ fi 600 kún un, ẹ yọ 450, ẹ yọ 850, ó gbọ́dọ̀ já sí 53,072. Tí ìwé ìṣirò bá sọ nọ́ńbà kan, tí ìjábọ̀ sọ òmíràn, Ẹ́sẹ́ẹ̀lì yín ni ọ́dítọ̀ kò ní gbà gbọ́.

Ẹ fi òǹtẹ̀ lu fáọ́ṣà kọ̀ọ̀kan, kí àmì owó ìrànwọ́ àti iye tí ó gbé hàn lára rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì jù lórí èyí tí ẹ pín. Rìsíìtì owó iná tí kò ní òǹtẹ̀ lè bọ́ sínú ìjábọ̀ olùfúnni méjì láìsí ẹni tó gbèrò ibi, kò sì sí àlàyé tí yóò mú kí ó jọ àṣìṣe nígbà tí wọ́n bá rí i.

Ohun tó kù ni owó tó wọlé. Olùfúnni ti san 52,002, ìyẹn ìdá 90 nínú 100, ó sì di 5,778 mú títí ìjábọ̀ yóò fi dé. Ìnáwó jẹ́ 56,787.04, nítorí náà 4,785.04 ni àjọ lè béèrè. Kò gbọ́dọ̀ béèrè 5,778 náà lódindi: 992.96 tó yọ nínú rẹ̀ bá ìyàtọ̀ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì mu gẹ́lẹ́. Tí àwọn méjèèjì kò bá bára mu lọ́wọ́ yín, ẹ padà sórí òpó B, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ti èmi.